Ìwé àpẹẹrẹ fún ipele kọ̀ọ̀kan: kí ló dé tí máàkì wa ò tíì bára mu?

Bíírò Pupa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Àwa márùn-ún la jọ ń máàkì àròkọ alárìíyànjiyàn kan báyìí. Ìwé ìdáhùn tó wà nílẹ̀ jẹ́ 180, máàkì 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì pín 20 yẹn sí ipele márùn-ún. Ipele 1 ni 1 sí 4, ó ń gòkè ní mẹ́rin mẹ́rin títí dé Ipele 5 tó jẹ́ 17 sí 20. Ìbéèrè náà ni pé ṣé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa mú fóònù wá sílé ìwé. A ní ìlànà ìmáàkì, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé Ipele 4 "ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa", Ipele 3 sì "rò ó dé ìwọ̀n kan". Níbo ni "dé ìwọ̀n kan" parí sí tí "dáadáa" fi bẹ̀rẹ̀?

Ní ìdánwò tó kọjá, ìwé kan wà tí mo fún ní 14 tí ẹnì kejì mi fún ní 8. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá wa ní ká máa lo ìwé àpẹẹrẹ, ká mú ìwé ìdáhùn gidi kan fún ipele kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wa gbé e síwájú bí a bá ń máàkì. Mo ṣa márùn-ún jáde nínú ti ọdún tó kọjá, tí ìbéèrè rẹ̀ náà dá lórí fóònù, tòun ti máàkì tó wà lára wọn. Mo ṣe ẹ̀dà fún oníkálukú, a sì bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ń lọ geere. Àfi ìgbà tá a dé orí ìwé 27, tí gbogbo wa jọ kà láti fi dán ara wa wò. Mo fún un ní 12. Ẹnì kan fún un ní 7, ẹlòmíràn fún un ní 14. Ẹni tó fún un ní 7 gbé àpẹẹrẹ Ipele 2 sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, àṣìṣe àkọtọ́ inú méjèèjì ò ju ara wọn lọ." Òótọ́ ló sì sọ. Mo wá padà yẹ àwọn tá a ti máàkì wò, mo rí i pé gbogbo ọmọ tí àkọtọ́ rẹ̀ ò dára ló ti já sí Ipele 2, ohun yòówù kí ó sọ nínú àròkọ rẹ̀. Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí wa rí kí àpẹẹrẹ tó dé.

Ibo la ti ṣì í? Ṣé márùn-ún ló kéré ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yàn?

Màmá Kíláàsì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èyí tó dára jù lọ nínú ipele kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ mú, kí ojú gbogbo yín lè rí ibi tí ipele yẹn lè ga dé. Kó jẹ́ ìwé tó mọ́, tí kò ní ohun tó máa da ni lójú rú. Ẹ má sì fi ti ìbéèrè ọdún tó kọjá máàkì ti ọdún yìí rárá. Ìbéèrè tuntun, àpẹẹrẹ tuntun. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe é báyìí.

Àgbà Tíṣà

Màmá Kíláàsì, mo bá yín lọ lórí ìbéèrè tuntun, àpẹẹrẹ tuntun. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n takò yín lórí "èyí tó dára jù lọ", torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dá mi lóró.

Bíírò Pupa, ẹ má dá ara yín lẹ́bi lórí pé máàkì yín jìnnà síra. Ní ọdún 1912, Daniel Starch àti Edward Elliott fi ìwé ìdáhùn kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ 142 ló máàkì rẹ̀. Máàkì tó kéré jù jẹ́ 64 nínú 100, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 98. Ohun tó fà á ni pé ojú èèyàn kì í fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan láìsí ohun tó ń fi í wé. Bí a ò bá gbé nǹkan kan síwájú rẹ̀, ìwé tó kà kẹ́yìn ló máa fi wọn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìwé dídára mẹ́ta tẹ̀ léra, ìwé kẹrin tí kò burú yóò dà bí èyí tí kò ní láárí lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé àpẹẹrẹ ni pé kó gba ipò ìwé tó kà kẹ́yìn yẹn, kí gbogbo wa lè máa fi ohun kan náà wọn nǹkan. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Edward Thorndike ti ṣe irú rẹ̀ fún ìkọ̀wé ọwọ́ ní 1910: ó to àwọn ìwé ọwọ́ ọmọdé jọ láti èyí tó burú jù dé èyí tó dára jù, olùkọ́ á wá gbé ti ọmọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wò.

Ibi tí ẹ ti ṣì í ni pé ẹ mú ẹyọ kan fún ipele kan. Ìwé kan kì í ní ìwà kan ṣoṣo. Àpẹẹrẹ Ipele 2 yín ní èrò tí kò jinlẹ̀, ó sì ní àkọtọ́ tí kò dára. Èrò inú rẹ̀ ló gbé e sí Ipele 2, ṣùgbọ́n àkọtọ́ ni ojú máa ń tètè rí. Ẹni tó ti rẹ̀, tó ní ìwé 36 láti máàkì, ohun tó hàn lójú ló máa bá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ẹ ń máàkì ìjọra, ẹ ò máàkì iṣẹ́ mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ mú méjì fún ipele kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀ síra gan-an. Fún Ipele 3, ẹ wá ọ̀kan tí èdè rẹ̀ já gaara ṣùgbọ́n tí kò dá alátakò lóhùn, kí ẹ wá èkejì tí èdè rẹ̀ ń ta kókó ṣùgbọ́n tó dáhùn atakò kan dáadáa. Bí èèyàn bá gbé méjèèjì síwájú, kò ní lè sọ pé àkọtọ́ ló sọ wọ́n di Ipele 3, torí àkọtọ́ wọn ò jọra. Yóò di dandan fún un láti wá ohun tó so wọ́n pọ̀.

Ẹ mú àárín ipele, ẹ má mú òkè rẹ̀. Ọdún tí mo mú òkè rẹ̀, ṣe ni àwa tá a ń máàkì sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà. Àpẹẹrẹ Ipele 3 wa jẹ́ 12, ìwé tó tọ́ sí 10 kò tó o, la bá ń tì í sí Ipele 2. Nígbà tá a fi máa mọ̀, ó ti kan ìdajì kíláàsì kan.

Bí ẹ ó ṣe yàn án: ẹ mú nǹkan bí 30 nínú 180 tó wà nílẹ̀, kó pọ́n, kó dúdú. Ẹ bo orúkọ, ẹ má kọ máàkì kankan sí i lára. Kí ẹ̀yin márààrún kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má jọ sọ̀rọ̀, kí oníkálukú kọ ipele rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ pàdé. Àwọn tí ẹ̀yin márààrún fi sí ipele kan náà, inú wọn ni kí ẹ ti yan àpẹẹrẹ. Ìdí tí mo fi ní ẹ má lo ti ọdún tó kọjá tòun ti máàkì ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti rí 7 lára ìwé kan yóò wá ìdí tó fi jẹ́ 7, yóò sì rí i, ì báà jẹ́ 11 ló tọ́ sí i.

Òǹkàwé Òru

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ti èmi náà kún un. Mo fún àwọn ọmọ mi ní ìwé àpẹẹrẹ Ipele 5 kí wọ́n tó ṣe ìdánwò, kí wọ́n lè mọ ohun tá à ń wá. Nígbà tí wọ́n kọ tiwọn dé, ìwé mọ́kànlá ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn àkọ́kọ́ àpẹẹrẹ yẹn, "Bí owó ṣe ní ojú méjì". Ṣé kí n fún wọn ní Ipele 5 ni àbí kí n máa yọ máàkì wọn?

Àgbà Tíṣà

Òǹkàwé Òru, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn o. Àpẹẹrẹ tá à ń sọ níbí, ọwọ́ ẹni tó ń máàkì ló ń gbé, ọmọ kò gbọ́dọ̀ rí i títí iṣẹ́ á fi parí. Bí ẹ bá fẹ́ fi àpẹẹrẹ kọ́ ọmọ, ẹ lo ti ìbéèrè mìíràn, ẹ sì fi méjì tàbí mẹ́ta hàn wọ́n pa pọ̀. Ẹyọ kan ni wọ́n fi ń há a sórí. Ní ti mọ́kànlá tó wà nílẹ̀ yẹn, ohun tó tẹ̀ lé gbólóhùn náà ni kí ẹ máàkì.

Kò-Ní-Gbà

Ẹ kú àlàyé, Àgbà Tíṣà. Àmọ́ mi ò gba ti àárín ipele yẹn tán o. Ta ló ń jà lórí ìwé tó wà láàárín Ipele 3? Kò sẹ́ni tó ń jà níbẹ̀. Ẹnu ààlà nìjà wà, láàárín 12 àti 13, níbi tí ọmọ ti ń bọ́ láti ipele kan sí èkejì. Bí ẹ bá gbé 10 àti 14 síwájú mi, tí ìwé ọwọ́ mi wá wà láàárín wọn, kí ni mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Níbi tí mo ti ń máàkì, ìwé tó rẹlẹ̀ jù ní Ipele 4 àti èyí tó ga jù ní Ipele 3 ni wọ́n ń fún wa. Mo máa ń bi ara mi pé, "Ṣé èyí tó ìwé tó rẹlẹ̀ jù yẹn?" Bí ó bá tó o, ó wọlé. Kíá ni mo máa ń parí.

Àgbà Tíṣà

Mo gbà pé ibẹ̀ nìjà wà. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé ìwé ẹnu ààlà ni àwa fúnra wa kì í fẹnu kò lé lórí. Bí àwọn mẹ́ta bá sọ pé ìwé kan jẹ́ 13, tí méjì sọ pé 12 ni, tí ọ̀gá wá sọ pé 13 la máa mú, àṣẹ ló gbé e síbẹ̀. Àwọn méjì yẹn ò tíì gbà nínú ọkàn wọn, wọ́n á sì máa fi ojú ara wọn wò ó lọ. Èmi máa ń fi ti àárín dúró, tí mo bá wá ní ti ẹnu ààlà, màá kọ ìdí rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbólóhùn méjì: ohun tó gbé e wọlé, àti ohun tí ì bá lé e jáde.

Kò-Ní-Gbà

Ìyẹn dáa, àmọ́ èmi ṣì rò pé ti ẹnu ààlà ló yẹ kó kọ́kọ́ wà níwájú èèyàn. A ò ní rẹ́ lórí èyí.

Bíírò Pupa

Ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé 27 náà síbí, ibi tó dá ìjà sílẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyí:

"Awon kan so pe foonu ko dara ni ile iwe nitori ere. Otito ni. Sugbon ere ko bere lori foonu, omo ti ko fe kawe yio ma wo oju ferese. Ohun ti o ye ki a bere ni wipe kini omo na nse nigbati ko ni foonu."

Kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan, "yio" àti "omo na" sì jẹ́ àkọtọ́ àtijọ́. Ìpínrọ̀ mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Méjì rí báyìí, ìkẹta tún ohun tó ti sọ sọ, ìkẹrin jẹ́ gbólóhùn kan péré.

Ìyí ni àpẹẹrẹ Ipele 2 wa: "Foonu ko dara. Ekini, o nba oju je. Ekeji, o nje ki omo ma sere. Eketa, awon ole nji gbe." Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìkẹjọ, kò ṣàlàyé ìkankan.

Ọmọ Tíṣà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni, ẹ má bínú. Èmi fún 27 ní 9. Èrò rẹ̀ wú mi lórí, àmọ́ bí mo bá fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó kọ èdè dáadáa ńkọ́?

Màmá Kíláàsì

13. Ọmọ yẹn ń ronú.

Àgbà Tíṣà

Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpẹẹrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi ni pé, "Nínú iṣẹ́ tí ìbéèrè bèèrè, èwo ló ṣe é ju èkejì lọ?" Mi ò kì í bi ara mi pé èwo ni wọ́n jọ.

Iṣẹ́ tí ìbéèrè yín bèèrè ni kí ọmọ jà fún ìhà kan, kó sì fèsì fún ìhà kejì. Ẹ kọ́kọ́ gbé 27 sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ipele 2. Ìwé Ipele 2 to ìdí mẹ́jọ sílẹ̀ láìṣàlàyé ọ̀kan. 27 mú ìdí kan, ó gbà fún alátakò pé "Otito ni", ó wá yí ọ̀rọ̀ náà padà pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe fóònù. Ní ti iṣẹ́ tá a bèèrè, ó ju Ipele 2 lọ fíìfíì. Bí àkọtọ́ wọn tilẹ̀ dọ́gba, ìyẹn ò sọ wọ́n di ẹgbẹ́.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ipele 4. Mi ò tíì rí tiyín, àmọ́ àwọn tí mo ti rí níbi tí mo ti ń máàkì máa ń di èrò wọn mú dé òpin. 27 ṣe é nínú ìpínrọ̀ méjì, ó sì jáwọ́. Ìkẹta kò fi nǹkan kan kún un. Nítorí náà kò tó Ipele 4 lójú tèmi. Ipele 3 ni, apá òkè rẹ̀. Màá ní 11, bóyá 12.

Ọmọ Tíṣà, ìbéèrè yín ṣe pàtàkì. Bí ìlànà yín bá fi máàkì sílẹ̀ fún àkọtọ́ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà pa pọ̀, ẹ̀yin márààrún ni kí ẹ pinnu bí àkọtọ́ ṣe máa tẹ̀wọ̀n tó, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé kejì. Àpẹẹrẹ ò lè bá yín ṣèpinnu yẹn, ohun tí ẹ bá ti pinnu ló ń fi hàn.

Màmá Kíláàsì

Mo gbọ́ o, sà. Mo ṣì dúró lórí 13, torí kò sí ọ̀pọ̀ ọmọ tó lè yí ìbéèrè padà báyẹn. Àmọ́ mo rí bí ẹ ṣe dé 12.

Aṣírò

Ẹ ò tíì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì. Kí gbogbo yín fẹnu kò láàárọ̀ kò ní kí ẹ ṣì wà níbì kan náà nírọ̀lẹ́. Ojú máa ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń le sí i bó bá ti ń rẹ̀ wọ́n, àwọn kan máa ń rọ̀.

Ohun tá à ń ṣe nìyí. Nínú 30 tí Àgbà Tíṣà ní kí ẹ kà, àwọn tí ẹ fẹnu kò lé lórí tí ẹ ò lò bí àpẹẹrẹ, ẹ mú mẹ́rin nínú wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn láìsí máàkì, kí ẹ fi wọ́n sáàárín ìwé 36 oníkálukú, kó máa tó ìwé mẹ́sàn-án kí ọ̀kan tó yọjú. Ẹni tó ń máàkì kò gbọ́dọ̀ mọ èwo ni. Nítorí náà ẹ má fi ẹ̀dà dúdú sáàárín ìwé tí wọ́n fi bíírò kọ, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ṣe ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dà. Bí máàkì rẹ̀ bá fi ju 2 lọ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fẹnu kò lé lórí, kó dáwọ́ dúró, kó padà ka àwọn àpẹẹrẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: ẹ má ka àròpọ̀ nìkan. Ẹnì kan ní ọ̀dọ̀ wa dín máàkì kù ní 3, 3, 2 àti 3 lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹlòmíràn fi 4 kún ọ̀kan, ó yọ 4 lára èkejì, ó fi 1 kún ọ̀kan, ó yọ 1 lára èkejì. Bí ẹ bá rò ó pọ̀, ti ẹnì kejì já sí òfo, bíi pé kò ṣe àṣìṣe kankan. Bẹ́ẹ̀ òun ló léwu jù. Ẹni àkọ́kọ́ le, àmọ́ ibi kan náà ló dúró sí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àtúnṣe. Ẹnì kejì kò ní ibi tó dúró sí, ìwé rẹ̀ ni a ní láti tún máàkì pátápátá.

Kò-Ní-Gbà

Aṣírò, ṣé ẹ kàn fi 3 kún gbogbo máàkì ẹni tó le yẹn ni?

Aṣírò

A rò ó, a ò sì ṣe é. Ìwé mẹ́rin kéré jù láti fi gbé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ lé e. Nígbà tá a tún ìwé mẹ́wàá rẹ̀ kà, a rí i pé àwọn tó wà láàárín ló le sí, kò le sí àwọn tó rẹlẹ̀ jù. Bí a bá ti fi 3 kún gbogbo rẹ̀, a ò bá ti gbé àwọn tí kò yẹ ga. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó pẹ̀lú àpẹẹrẹ Ipele 3, tó sì tún àwọn àárín máàkì.

Akọ́mọlédè

Ọ̀rọ̀ kan péré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ àwọn àpẹẹrẹ sórí kọ̀ǹpútà kí ó lè mọ́. A ṣe é lọ́dún kan. Àṣìṣe tí ojú kì í rí nínú ìkọ̀wé ọwọ́ yọ gedegbe, àwọn àpẹẹrẹ wa wá dà bíi pé wọn ò dáa tó, àwa tá a ń máàkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ní máàkì tó pọ̀ jù. Bí ìwé àwọn ọmọ bá ṣe wà ni kí àpẹẹrẹ náà wà.

Bíírò Pupa

Mo padà dé o. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe lọ.

A mú 30, a kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mẹ́rìnlá péré la fẹnu kò lé lórí, àwa márààrún. Ó dun ọ̀gá wa, ó rò pé á ju bẹ́ẹ̀ lọ. A rí méjì méjì fún Ipele 2, 3 àti 4, wọ́n sì yàtọ̀ síra bí Àgbà Tíṣà ṣe sọ. Ipele 1 rí ọ̀kan. Ìyẹn gba méje, méje tó kù la ti mú mẹ́rin tá a fi sáàárín ìwé àwọn ènìyàn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a pinnu pé àkọtọ́ kò lè fa ìwé sílẹ̀ ju máàkì 2 lọ. A tún ìwé 27 máàkì. Ẹni tó fún un ní 7 tẹ́lẹ̀ fún un ní 11. Mo ní 12. Èyí tó pọ̀ jù ni 13, èyí tó kéré jù sì ni 10. Ẹni tó ti fún un ní 7 ló sọ ohun tó yí òun lọ́kàn padà. Ó ní ìgbà tí òun rí ìwé Ipele 3 kejì, tí àkọtọ́ rẹ̀ mẹ́hẹ ju ti 27 lọ, òun ò rí nǹkan kan dì mú mọ́.

Nínú àwọn tá a ti máàkì tẹ́lẹ̀, mẹ́sàn-án ló kúrò ní Ipele 2 bọ́ sí Ipele 3. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kábàámọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Ọ̀ràn kan ló kù. Kò sí ìwé Ipele 5 kankan nínú 30 yẹn. A ka 20 mìíràn, kò sí níbẹ̀ náà. Ọ̀gá wa ní kí n jókòó kọ ọ̀kan fúnra mi.

Màmá Kíláàsì

Ẹ kọ ọ́. Èmi máa ń kọ ọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ fi mọ 17?

Àgbà Tíṣà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́. Àròkọ tí àgbàlagbà bá kọ fún irú iṣẹ́ yìí máa ń ní ohun gbogbo tó wà nínú ìlànà, ní títò lẹ́sẹẹsẹ, bí ọmọ kankan kì í ṣe é. Ọmọ tó tọ́ sí Ipele 5 lóòótọ́ sábà máa ń gbójú fo nǹkan kan nínú ìlànà, tí yóò sì ṣe nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò retí. Bí ìwé yín bá wà níwájú, ẹni tó ń máàkì yóò sọ pé ti ọmọ náà kò pé. Ẹ ó ti ti ilẹ̀kùn Ipele 5 pa mọ́ gbogbo wọn.

Kò-Ní-Gbà

Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn Àgbà Tíṣà. Àmọ́ kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ lófo ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí kò bá sí àpẹẹrẹ Ipele 5, kò sẹ́ni tí yóò fún ọmọ ní 17. Gbogbo ènìyàn á dúró sí 16.

Aṣírò

Ẹ lè ṣe báyìí. Ìwé èyíkéyìí tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ fún ní 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó yà á sọ́tọ̀ láìkọ máàkì sí i. Ní ìparí, kí ẹ̀yin márààrún jọ tò wọ́n láti èyí tó ga jù lọ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ wá gbé èyí tó ga jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ipele 4 méjèèjì yín. Bí ó bá jù wọ́n lọ jìnnà, ẹ ti rí àpẹẹrẹ yín nìyẹn, ẹ ó sì lò ó fún èyí tó kù.

Bíírò Pupa

Mo ti sọ fún wọn. Méje la ti yà sọ́tọ̀ títí di ìsinsìnyí, ìwé bí 60 ló sì kù. Ọ̀kan wà nínú méje yẹn, ìwé 141, ìpínrọ̀ mẹ́ta péré, tí kò ní ìkádìí rárá. Ìlànà wa ní kí Ipele 5 ní ìkádìí. Àwa mẹ́rin nínú márùn-ún la fi í sókè pátápátá.

Ọmọ Tíṣà

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gbé 141 síbí ká kà á.